Ibo Lo Ti Rí I? Bí A Ṣe Ń Fún Ìwé Àbá Owó Ìrànwọ́ Ní Máàkì, Ìpín Kan Lẹ́yìn Òmíràn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ pé jọ. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fún ìwé àbá tí wọ́n fi ń tọrọ owó ìrànwọ́ ní máàkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yín sí ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò ni. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kọ ìwé àbá náà, ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa máa jọ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe olùyẹ̀wò, ìwé àbá 9 ni wọ́n kó fún mi. Mo ka àkọ́kọ́ tán, mo gbé e sílẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé, “Èyí á tó 80.” Ẹ̀yìn náà ni mo wá ṣí fọ́ọ̀mù máàkì. Mo wá ń pín 80 yẹn sí ìpín 5 tó wà lórí fọ́ọ̀mù, mo bù díẹ̀ síhìn-ín, mo bù díẹ̀ sọ́hùn-ún, títí ó fi pé. Nígbà tí a jókòó ìgbìmọ̀, alága wo fọ́ọ̀mù mi, ó ní, “Ẹ fún ètò ìnáwó ní 17 nínú 20. Máàkì 3 tó lọ yẹn, ohun tó mú un lọ, ibo lẹ ti rí i?” N kò rí èsì fọ̀. N kò rí nǹkan kan nínú ètò ìnáwó náà rárá. Ìdí tí 3 fi lọ ni pé bí n kò bá yọ ọ́, àpapọ̀ á kọjá 80 tí mo ti ní lọ́kàn.

Ìbéèrè alága yẹn, “Ibo lẹ ti rí i?”, òun ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fi àpapọ̀ ṣíwájú, tó wá padà lọ wá ìpín tí yóò gbé e lé, kò tíì fún ìwé àbá ní máàkì. Ó kàn fi nọ́ńbà wọ aṣọ fún ohun tí ọkàn rẹ̀ sọ ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé àbá, ìwé ìpè ni kó kọ́kọ́ kà, ìyẹn ìwé tí àjọ tó ní owó fi kéde pé owó wà. Inú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n wà: àwọn ìpín tí wọ́n fẹ́, iye máàkì tó wà fún ìpín kọ̀ọ̀kan, àti ààlà, ìyẹn ibi tí máàkì kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ kọjá. Ẹ má fojú kéré èyí, nítorí pé òṣùwọ̀n àjọ kan kì í ṣe ti èkejì. Nínú Erasmus+ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí àpẹẹrẹ, ẹgbẹ́ tó bá tọrọ owó fún iṣẹ́ àjọṣe láàárín ilé-iṣẹ́ mélòó kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 60 nínú 100, kò sì gbọdọ̀ gba ohun tó dín ní ìdajì máàkì nínú ìpín kankan. Nínú Horizon Europe, tí wọ́n fi ń ran iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́, ìpín 3 ni ọ̀pọ̀ ìpè ní, 0 sí 5 ni máàkì ìpín kọ̀ọ̀kan, ààlà ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3, ààlà àpapọ̀ sì jẹ́ 10. Ẹ wò ó dáadáa: ìwé àbá tó gba 3, 3 àti 3 fo ààlà ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ 9 ni àpapọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú. Ẹni tí kò ka ìwé ìpè á rò pé òun ti gbé e kọjá.

Ti NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, tún wá yàtọ̀ pátápátá. Láti 1 dé 9 ni wọ́n ń fúnni, 1 ló dára jù, 9 ló burú jù. Wọn kì í ro máàkì àwọn ìpín pọ̀ láti mọ èyí tó kẹ́yìn. Olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló máa fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ bí ipa iṣẹ́ náà á ṣe tó, wọ́n á wá fi ìṣirò mú àárín tí gbogbo ìgbìmọ̀ sọ, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Mo mọ ẹnì kan tó ti ọ̀dọ̀ àjọ mìíràn wá sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tó fún ìwé tó fẹ́ràn jù ní 8. Ó dára pé wọ́n bi í léèrè kí wọ́n tó ti ìwé náà pa.

Èyí tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni ti oríṣi tó wọ́pọ̀ jù, níbi tí a ti ń fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní máàkì, tí a ń ro wọ́n pọ̀ sórí 100. Màá mú ìwé àbá kan tó ti kọjá lọ́wọ́ mi. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tó kọ ọ́, n kò sì ní dárúkọ àjọ tó ní owó. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ kọ́ àgbàlagbà 600 ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà láàárín oṣù 18. Ojú ìwé 20 ni wọ́n kọ. Ìpín 5 ni àjọ náà ní: ìdí tí iṣẹ́ náà fi pọndandan ní 20, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ṣe é ní 30, bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí ní 15, agbára ẹgbẹ́ náà láti ṣe é ní 15, ètò ìnáwó ní 20. Ààlà àpapọ̀ jẹ́ 70. Ìpín kankan kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdajì máàkì tirẹ̀. Ẹ fi ti ìdajì yẹn sọ́kàn.

Àjọ náà tún fún wa ní ọ̀rọ̀ tó bá nọ́ńbà rìn. Bí ìpín kan bá dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, tí àléébù rẹ̀ kò tó nǹkan, ó bọ́ sí 85 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ìpín náà. Bó bá dáhùn dáadáa ṣùgbọ́n tó ní àléébù díẹ̀, 65 sí 84. Bó bá dáhùn ṣùgbọ́n tí àléébù ńlá wà nínú rẹ̀, 50 sí 64. Bí kò bá dáhùn ìbéèrè, ó dín ní 50. Bí mo ṣe ń lò ó nìyí: ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yàn, kì í ṣe nọ́ńbà. Màá kọ ohun tí mo rí àti ojú ìwé tí mo ti rí i, màá wò ó pé èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló bá ohun tí mo kọ mu, ẹ̀yìn náà ni màá wá nọ́ńbà láàárín ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn fún mi láyè.

Mo kọ́kọ́ kà á tán láìmú kálàmù lọ́wọ́. Ìgbà kejì ni mo wá gbé òṣùwọ̀n ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìpín kìíní, ìdí tí iṣẹ́ náà fi pọndandan. Ohun méjì ni àjọ béèrè: ẹ̀rí pé ìṣòro náà wà níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́, àti ẹ̀rí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́wọ́ sí àbá náà. Ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ ń sọ nípa àìmọ̀wé káàkiri ayé. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè, n kò sì fún un ní nǹkan kan. Lójú ìwé 3 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ti lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ka àwọn tí kò lè ka gbólóhùn kan, wọ́n sọ iye wọn, wọ́n sọ oṣù tí wọ́n kà á. Ẹ̀rí gidi nìyẹn. Ti èkejì ló kù díẹ̀ káàtó: wọ́n ní àwọn bá àwọn ará àdúgbò ṣèpàdé, wọn kò sọ ohun tí àwọn yẹn sọ, tàbí ohun kan tó yí padà nínú àbá náà nítorí ìpàdé yẹn. Ó dáhùn dáadáa, ó ní àléébù díẹ̀. 14 nínú 20.

Ìpín kejì, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ṣe é. Ibí yìí ni wọ́n ti lágbára jù. Olùkọ́ 20, kíláàsì 20, akẹ́kọ̀ọ́ 30 ní kíláàsì kan, ìjókòó méjì lọ́sẹ̀. 30 lọ́nà 20 jẹ́ 600, ó bá iye tí wọ́n ṣèlérí mu. Ètò oṣù wọn ṣe kedere, wọ́n fi àkókò tí ọwọ́ àwọn ènìyàn máa ń dí jùlọ sílẹ̀ láìṣe kíláàsì. Ohun tó bu máàkì wọn ni pé wọn kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi kíláàsì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ àgbàlagbà rí mọ̀ pé wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. 25 nínú 30.

Kí n tó dé ìpín kẹta, ẹ jẹ́ kí n fò lọ sí ìpín karùn-ún, ètò ìnáwó, nítorí pé òun àti ìpín kejì ní ọ̀rọ̀ kan jọ sọ. Mo yẹ owó oṣù olùkọ́ wò. Olùkọ́ 12 ni wọ́n kọ síbẹ̀, oṣù 18. Mo padà sí ojú ìwé 7, 20 ni mo bá níbẹ̀. Mo tún padà wo ètò ìnáwó, 12 náà ni. Bí olùkọ́ bá jẹ́ 12, kíláàsì kan á di ènìyàn 50, iṣẹ́ náà sì ti di nǹkan mìíràn. Ó lè jẹ́ pé àwọn 8 tó kù máa fi ara wọn ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ètò ìnáwó kò bá ẹni tó kọ ọ̀nà iṣẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. N kò mọ̀, kò sì sí lórí ìwé. Àmọ̀jù olùyẹ̀wò kọ́ ló yẹ kó dí ihò inú ìwé àbá.

Ìbéèrè tó ṣòro ni pé ibo ni kí àṣìṣe yìí ti jẹ máàkì? Ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò máa yọ 5 ní ìpín kejì, wọ́n á tún yọ 5 ní ìpín karùn-ún. Àṣìṣe kan, ẹgba méjì. Mo ti rí ìwé àbá tó ti ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàdánù máàkì 14 lórí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé, torí ìpín mẹ́ta ni àwọn olùyẹ̀wò ti bá a pàdé, wọ́n sì nà án níbi gbogbo. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá padà lọ ka òṣùwọ̀n: ìpín wo ni wọ́n ti béèrè ohun tí àṣìṣe yìí bàjẹ́? Ní ìpín kejì, ìbéèrè ni pé ṣé ọ̀nà náà bá èrò mu. Olùkọ́ 20 fún ènìyàn 600 bá a mu. Ní ìpín karùn-ún, ìbéèrè ni pé ṣé owó tí wọ́n béèrè tó iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Owó olùkọ́ 12 kò tó iṣẹ́ olùkọ́ 20. Ìpín karùn-ún ló ni àṣìṣe yẹn, ibẹ̀ nìkan ló ti jẹ máàkì. Owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ tí wọ́n kàn kọ gbuurugbu, wọn kò tú u palẹ̀. Àwọn yòókù dára, ìṣirò wọn pé, owó ọ́fíìsì wọn kò kọjá ibi tí àjọ fi ààlà sí. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n àléébù ńlá wà. 12 nínú 20.

Ìpín kẹrin kò gbà mí lákòókò. Ẹgbẹ́ náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ìwé ẹ̀rí wà, àwọn tó máa darí rẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n. 14 nínú 15. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìpín bíi èyí. Bí ẹ bá fi 14 sílẹ̀ báyìí, ọwọ́ á máa yá láti fún ìpín tó tẹ̀ lé e ní máàkì gidi, ẹ ó máa sọ pé, “Àwọn yìí mọṣẹ́, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.” Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún ìpín agbára ẹgbẹ́ ní máàkì tirẹ̀ kẹ́yìn, ibi yòówù kó wà lórí fọ́ọ̀mù. Bí ìwé àbá bá sì pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìpín kan náà ni mo ń kà nínú gbogbo wọn kí n tó bọ́ sí ìpín mìíràn. Ọwọ́ tí mo fi mú ti àkọ́kọ́ ni mo sì fi ń mú ti ìkẹsàn-án.

Ó wá ku ìpín kẹta, bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà yọrí. Mo ti fún un ní máàkì ṣáájú ti agbára ẹgbẹ́, mo kàn fi í sílẹ̀ láti sọ kẹ́yìn fún yín ni. Ohun mẹ́ta ni àjọ béèrè, 5 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni wọ́n máa wọ̀n, báwo ni nǹkan náà ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò wọ̀n ọ́ àti nígbà wo. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ lójú ìwé 13: “A ó máa ka iye àwọn tó wá sí kíláàsì lóṣooṣù. Alákòóso iṣẹ́ yóò máa kó o jọ, a ó sì kọ ìròyìn ní oṣù kẹfà, ìkejìlá àti ìkejìdínlógún.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó máa wọ̀n ọ́ àti ìgbà tó máa wọ̀n ọ́ ṣe kedere, mo fún un ní 4. Ohun tí wọ́n máa wọ̀n ni wàhálà. Wíwá sí kíláàsì kì í ṣe mímọ̀wé. Ènìyàn lè jókòó sí kíláàsì fún oṣù 18 kó má lè ka àkọlé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ṣèlérí lójú ìwé 1 ni pé ènìyàn 600 á mọ̀wé, ohun tí wọ́n fẹ́ kà lójú ìwé 13 ni pé ènìyàn mélòó ló jókòó. Mo fún un ní 2, torí pé iye tó wá wúlò díẹ̀. Bí nǹkan ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò sọ ohunkóhun. 0. Àpapọ̀ ìpín náà jẹ́ 6 nínú 15.

Mo wá rò wọ́n pọ̀. 14, 25, 6, 14 àti 12. Ó jẹ́ 71. Ó fo ààlà 70. Inú mi dùn, kí n má parọ́ fún yín, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn náà ni ojú mi padà sí 6 yẹn. Ìdajì 15 jẹ́ 7 àti ààbọ̀. Ìwé àbá náà ti ṣubú, àpapọ̀ ì báà jẹ́ 85.

Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù yẹn fún bí ìṣẹ́jú 20. Máàkì 2 péré. Bí mo bá sọ 2 yẹn di 3, tí mo sọ 0 di 1, ó ti là. Ta ni yóò mọ̀? Mo tilẹ̀ gbé kálàmù. Ohun tó dá mi dúró ni pé n kò rí àlàyé tí màá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ni màá kọ? Pé wọ́n sọ bí nǹkan ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀? Wọn kò sọ ọ́. Mo fi 6 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

A dé ìgbìmọ̀. Olùyẹ̀wò kejì, tó ti kọ́ àgbàlagbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, fún ìpín kẹta yẹn ní 12. Èmi fún un ní 6. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, tó fẹ́ kí a tètè lọlé, ní, “Ẹ jẹ́ kí a pín in sí méjì, 9.” Alága kọ̀. Ó ní ta ló ní 9 nínú wa? Àlàyé ta ni yóò gbé e dúró? Bí ẹnì kan bá ní omi gbóná, tí èkejì ní ó tutù, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. A máa ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Ó wá yíjú sí olùyẹ̀wò kejì, ó bi í ní ìbéèrè àtijọ́ yẹn: “Ibo lẹ ti rí i?”

Ó ní, “Ojú ìwé 9.”

Mo ṣí ojú ìwé 9. Tábìlì ètò oṣù ló wà níbẹ̀, nínú ìpín kejì. Láàárín ìlà bíi 30, ìlà kan wà níbẹ̀ tó sọ pé: “Ìdánwò ìwé kíkà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, oṣù 1 àti oṣù 18.” Mo ti kà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ń wo tábìlì yẹn, bóyá oṣù tò lẹ́sẹẹsẹ ni mo ń wò, n kò wá ohun tí wọ́n máa wọ̀n níbẹ̀. Ìlànà àjọ náà sì sọ ọ́ kedere pé ẹ̀rí tó bá wà níbikíbi nínú ojú ìwé 20 náà, kí a kà á fún ìpín tó bá a mu. Àwọn àjọ kan kì í gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ohun tó wà lábẹ́ àkọlé ìpín nìkan ni kí a wò. Ẹ yẹ tiyín wò.

Ọ̀rọ̀ mi yí padà nìyẹn, tòun ti ẹ̀rí. Ìdánwò ní oṣù 1 túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò ìwé kíkà ju kíka iye orí lọ. Mo gbé ti ohun tí wọ́n máa wọ̀n láti 2 sí 3, mo gbé ti ìbẹ̀rẹ̀ láti 0 sí 1. 8 nínú 15.

Olùyẹ̀wò kejì ní 8 kéré jù. Mo bi í pé irú ìdánwò wo ni? Ó ní ìdánwò báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kíka ìpínrọ̀ kúkurú sókè. Mo ní ṣé wọ́n kọ ọ́? Ó wò ó, ó ní rárá. Máàkì mélòó ni ẹni tó mọ̀wé gbọ́dọ̀ gbà nínú rẹ̀? Kò sí níbẹ̀. Ta ló máa ṣe ìdánwò náà fún ènìyàn 600 ní oṣù kan, owó wo sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un? A jọ wo ètò ìnáwó, kò sí ìlà kankan fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo ti bá wọn kọ ìyókù nínú orí mi.” Àṣìṣe ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn, ó sì ṣòro ju tèmi lọ láti rí. Èmi kò rí ohun tó wà lórí ìwé, òun rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí 8, alága sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àpapọ̀ di 73.

Máàkì 2 kan náà ni mo fẹ́ fún wọn nílé tí n kò fún wọn. Ti ilé ì bá jẹ́ àánú. Ti ìgbìmọ̀ ní ojú ìwé.

Kí n tètè fi ọ̀rọ̀ ìwúwo kan kún un, torí ẹnì kan bi mí léèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àjọ kan máa ń ní kí a fún gbogbo ìpín ní 0 sí 5, kí a wá fi ìwúwo ìpín, ìyẹn iye máàkì tó wà fún un nínú 100, sọ ọ́ di máàkì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: máàkì tí ẹ fún un, ẹ pín in sí 5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ìwúwo ìpín náà.

```
2 ÷ 5 × 15 = 6
```

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni pé wọ́n ń ro àwọn máàkì 0 sí 5 yẹn pọ̀ láìfi ìwúwo sí i. Ká ní ìwé àbá kan gba 5 ní ọ̀nà iṣẹ́ àti 3 ní agbára ẹgbẹ́, tí òmíràn gba 3 ní ọ̀nà iṣẹ́ àti 5 ní agbára ẹgbẹ́. Bí ẹ bá rò ó lásán, 8 ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà iṣẹ́ bá wúwo ní 30, tí agbára ẹgbẹ́ wúwo ní 15, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 30 àti 9, ìyẹn 39. Ti èkejì jẹ́ 18 àti 15, ìyẹn 33. Máàkì 6 ló wà láàárín wọn, àpapọ̀ lásán sì ti gbé e mì. Bí ẹ bá rí àpapọ̀ tó parí sórí 25 níbi tí àjọ béèrè 100, ìwúwo ni ẹnì kan gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìwé àbá wa. 73 fo ààlà méjèèjì, ṣùgbọ́n fífo ààlà kì í ṣe gbígba owó. Wọ́n to gbogbo àwọn tó là láti òkè wá sílẹ̀, owó àjọ náà sì tó fún 8 péré. Ìkẹjọ ní 78. Ẹgbẹ́ yìí kò gbà á. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú, ìkan nínú wọn ni mí. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a tún ìpín kejì wò, bóyá 25 yẹn kéré jù. Alága ní bó bá rí ojú ìwé tí a kò tíì rí, kó mú un wá. Kò rí i.

Ohun tó kù ni àlàyé tí wọ́n máa rí gbà. Mo ti ka àlàyé tó kọ “ó dára gan-an” sẹ́gbẹ̀ẹ́ 12 nínú 20, ẹni tó gbà á kò ní mọ èwo ni kóun gbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ka èyí tó kún fún ìmọ̀ràn, “ẹ bá ti ṣe báyìí, ẹ bá ti ṣe tọ̀hún.” Ohun tó wà lórí ìwé ni à ń wọ̀n, òun náà ni a sì ń kọ àlàyé lé lórí. Alága fi kíkọ ti ìpín kẹta sílẹ̀ fún èmi àti olùyẹ̀wò kejì. Ìgbà mẹ́ta ni a tún un kọ, torí pé òun ṣì ń fẹ́ fi irú ìdánwò tó yẹ kún un. Bó ṣe jáde nìyí:

“8 nínú 15. Ìwé àbá náà sọ ẹni tí yóò kó àbájáde jọ àti ìgbà tí yóò kó o jọ (ojú ìwé 13). Ìlà kan nínú ètò oṣù fi hàn pé ìdánwò ìwé kíkà yóò wáyé ní oṣù 1 àti oṣù 18 (ojú ìwé 9), ṣùgbọ́n ìpín kẹta kò mẹ́nu kàn án. Kò sọ irú ìdánwò tó jẹ́, kò sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè kà kí a tó pè é ní ẹni tó mọ̀wé, kò sì sí owó fún un nínú ètò ìnáwó. Iye àwọn tó wá sí kíláàsì, tí ìpín náà gbé ara lé, kò fi hàn bóyá àwọn ènìyàn 600 náà mọ̀wé.”